Apá Rọ́bà Mẹ́rin: Bí A Ṣe Tún Ìwé Ìbéèrè Owó fún Yàrá Ìfọwọ́kọ́ṣẹ́ Nọ́ọ̀sì Kọ

Ìwé ìbéèrè owó ìrànwọ́ àkọ́kọ́ tí mo bá ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì wa kọ kò ju ojú ewé 11 lọ, mo sì gbà nígbà náà pé iṣẹ́ ọwọ́ mi dára. Yàrá ìfọwọ́kọ́ṣẹ́ ni a fẹ́ kọ́, ìyẹn yàrá tí akẹ́kọ̀ọ́ yóò ti máa fi ohun èlò àti ọmọláńgidi dánra wò kí ó tó fọwọ́ kan aláìsàn. Ohun tó gbówó lórí jù lọ nínú ètò ìnáwó náà ni ọmọláńgidi ńlá kan tí kọ̀ǹpútà ń darí, tó ń mí, tó ń sọ̀rọ̀, tí àyà rẹ̀ sì ń lọ sókè sódò bíi ti ènìyàn. Lábẹ́ rẹ̀ ni a kọ "ibùsùn, tábìlì àti ohun èlò ìtọ́jú lóríṣiríṣi" sí, pẹ̀lú iye owó kan ṣoṣo fún gbogbo wọn pọ̀. Àlàyé ìnáwó wa kò kọjá ìpínrọ̀ méjì: a ní ìgbèríko Òkè-Ògùn ni a wà, a sì ní ó yẹ kí àwọn ọmọ wa rí ohun tí àwọn ẹgbẹ́ wọn ní ìlú ńlá ń rí.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́rin ni èsì dé pé wọn kò fún wa. Àwọn tó yẹ ìwé náà wò kò sọ̀rọ̀ púpọ̀, àfi ìbéèrè kan tí wọ́n kọ sí ẹ̀gbẹ́ ètò ìnáwó pé: "Ìṣẹ́jú mélòó ni akẹ́kọ̀ọ́ kan yóò fi lo ohun èlò yìí ní sáà kan?"

Inú bí mi. Mo ka ìbéèrè náà sí ọ̀rọ̀ ẹni tí kò mọ bí ọ̀nà ibi tí a wà ṣe rí. Ṣùgbọ́n nígbà tó di alẹ́ mo mú bírò, mo sì ṣe ìṣirò tó yẹ kí n ti ṣe kí n tó fi ìwé ránṣẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ 50 ló wà ní ọdún kejì. Ọmọláńgidi kan ṣoṣo ni a bèèrè. Wákàtí méjì lọ́sẹ̀ ni a kọ pé a ó fi máa lò ó fún ọ̀sẹ̀ 15, èyí tó jẹ́ wákàtí 30, ìyẹn ìṣẹ́jú 1,800. Bí a bá pín in fún ènìyàn 50, ìṣẹ́jú 36 ni yóò kan ẹnì kọ̀ọ̀kan ní odidi sáà kan, fún gbogbo iṣẹ́ tó yẹ kí ó kọ́ pátá, bí iná mànàmáná bá sì wà lọ́jọ́ gbogbo nìyẹn. Ẹni tó mọ ilé-ẹ̀kọ́ wa mọ̀ pé iná kì í wà lọ́jọ́ gbogbo. Ohun tí a fẹ́ fi owó olówó rà ni ohun tí a ó máa fi han àwọn alábẹ̀wò.

Kí n tó tún ìwé náà kọ, mo padà sí wọ́ọ̀dù ilé ìwòsàn tí àwọn ọmọ wa ti ń kọ́ṣẹ́, mo sì dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ìwé kékeré kan lọ́wọ́. Mi ò wá ohun tuntun kankan, ohun tí a ti ń rí lójoojúmọ́ ni mo fẹ́ kà. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kìíní, wọ́n fẹ́ fa omi sí ìyá àgbàlagbà kan lára. Akẹ́kọ̀ọ́ 14 ló yí ibùsùn náà ká. Nọ́ọ̀sì wọ́ọ̀dù wá iṣan, ó ti kánúlà, ìyẹn ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tí omi ń gbà wọ inú iṣan, bọ̀ ọ́, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ apá, ó sì kúrò níbẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ kan ló bá a di okùn rọ́bà mọ́ apá ìyá náà. Àwọn 13 yòókù wòran. Mi ò bá nọ́ọ̀sì náà wí, nítorí pé iṣan àgbàlagbà tí omi ti gbẹ lára rẹ̀ kì í ṣe ohun tí a ń fi kọ́ ọmọdé níṣẹ́, ìyá náà kò sì wá sí ilé ìwòsàn kí ọwọ́ mẹ́rìnlá lè gún un. Ohun tí mo kọ sínú ìwé tuntun náà kò ju èyí lọ: iye ìgbà tí wọ́n fa omi sí aláìsàn lára ní ọ̀sẹ̀ tí mo fi wà níbẹ̀, iye akẹ́kọ̀ọ́ tó dúró tì í, àti iye ìgbà tí ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́ kan kánúlà. Ìlà mẹ́ta yẹn ló gba ipò ìpínrọ̀ méjì tí a fi ṣàlàyé pé ìgbèríko ni a wà.

Láti ibẹ̀ ni a ti bẹ̀rẹ̀ ètò ìnáwó, a kò tún bẹ̀rẹ̀ láti inú ìwé àwòrán àwọn oníṣòwò mọ́. A mú iṣẹ́ kan, a sì bi ara wa léèrè pé kí ni yóò ná wa kí akẹ́kọ̀ọ́ 50 tó mọ̀ ọ́n ṣe. Títi kánúlà bọ iṣan ni a kọ́kọ́ mú, nítorí òun ni mo fojú rí ní wọ́ọ̀dù, nítorí náà òun ni mo máa fi ṣe àpẹẹrẹ níbí.

Ohun tí a fi ń kọ́ ọ ni apá rọ́bà. Egungun oníke ló wà nínú rẹ̀, ọ̀pá rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tó dúró fún iṣan gba inú rẹ̀ kọjá, awọ rọ́bà tó ṣeé bọ́ ló sì bo gbogbo rẹ̀. Omi aláwọ̀ pupa ni a ń rọ sínú ọ̀pá náà láti inú àpò kan tí a gbé kọ́ sókè, tí ó fi jẹ́ pé bí akẹ́kọ̀ọ́ bá bá iṣan pàdé, omi pupa yóò yọ sí ẹ̀yìn kánúlà gẹ́gẹ́ bí ẹ̀jẹ̀ ṣe máa ń yọ. Kò nílò iná mànàmáná. A yá ọ̀kan lọ́wọ́ ilé-ẹ̀kọ́ kan tó wà ní ìlú ńlá fún ọ̀sẹ̀ méjì, a sì fi àwọn ọmọ díẹ̀ dán an wò. A rí i pé láti fífọ ọwọ́ títí dé lílẹ pílásítà, ìṣẹ́jú mẹ́fà ni ó ń gbà, a sì fi ìṣẹ́jú méjì kún un kí ẹni tó di ìwé ìgbésẹ̀ mú lè ka àṣìṣe tó rí fún un. A tún rí i pé ọwọ́ ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í gbọ̀n mọ́ ní ìgbà keje tàbí ìkẹjọ. Nítorí náà a mú ìgbà 10 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, a sì sọ ọ́ gbangba nínú ìwé náà pé ìdánwò kékeré tiwa ni ó fún wa ní iye yẹn.

Ìṣirò rẹ̀ kò le. Ènìyàn 50, ìgbà 10, ìṣẹ́jú mẹ́jọ jẹ́ ìṣẹ́jú 4,000, èyí tó jẹ́ wákàtí 66 àti ìṣẹ́jú 40. Ọ̀sán méjì lọ́sẹ̀, wákàtí mẹ́ta mẹ́ta, ni yàrá náà lè ṣí fún àwọn ọdún kejì, nítorí pé wọ́n ń lọ sí wọ́ọ̀dù ní òwúrọ̀, èyí tó fún wa ní wákàtí 90 ní sáà ọlọ́sẹ̀ 15. Bí apá bá jẹ́ ẹyọ kan, iṣẹ́ kan ṣoṣo yìí yóò gba nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin gbogbo àkókò sáà náà, kò sì ní sí àyè láti kọ́ bí a ṣe ń fi ọ̀pá sí ojú ìtọ̀, bí a ṣe ń tọ́jú egbò, tàbí bí a ṣe ń gba ẹ̀bí. Wákàtí 18 ni a lè fún kánúlà. Bí apá bá jẹ́ mẹ́rin, wákàtí 16 àti ìṣẹ́jú 40 ni yóò gbà, èyí tó ku wákàtí kan àti ìṣẹ́jú 20 fún àwọn tó bá pẹ́ dé tàbí tí ọwọ́ wọn kò tíì dúró. Akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta ni yóò wà nídìí apá kọ̀ọ̀kan: ọ̀kan ń ṣiṣẹ́, ọ̀kan di ìwé ìgbésẹ̀ mú, ọ̀kan ń sọ̀rọ̀ bí aláìsàn, nítorí apá rọ́bà kò lè sọ pé ó ń dun òun. Ènìyàn 12 ni yóò wà nínú yàrá lẹ́ẹ̀kan náà, olùkọ́ kan sì lè máa rìn láàárín wọn.

Báyìí ni iye "mẹ́rin" ṣe dé inú ètò ìnáwó wa. Kò sí ẹni tó lè sọ pé ìfẹ́ inú wa ni.

Àwọn ohun tí à ń lò dànù tẹ̀ lé ọ̀nà kan náà. Ìgbà 500 ni wọn yóò ti kánúlà bọ apá ní sáà kan. Kánúlà kan lè gún rọ́bà tó ìgbà márùn-ún kí ẹnu rẹ̀ tó kú, nítorí náà 100 ni a nílò, a sì fi 10 kún un fún èyí tó bá tẹ̀ tàbí tó bá já bọ́ sílẹ̀. Ti ìbọ̀wọ́ ni mo ti ṣe àṣìṣe kan tí mi ò lè gbàgbé. Páálí ìbọ̀wọ́ tí wọ́n kọ 100 sí lára, ìbọ̀wọ́ 100 ló wà nínú rẹ̀, kì í ṣe ìbọ̀wọ́ méjì méjì lọ́nà 100, ìyẹn ni pé ènìyàn 50 ni páálí kan lè tó. Páálí márùn-ún ni mo kọ́kọ́ kọ fún ìgbà 500. Ọ̀gá wa obìnrin ló ka ìwé náà tó sì bi mí pé, "Nọ́ọ̀sì, ṣé ọwọ́ kan ni ẹ fẹ́ kí wọ́n máa bọ̀ ni?" Páálí 10 ló tọ́. Àṣìṣe bẹ́ẹ̀ kéré, ṣùgbọ́n olùyẹ̀wé tó bá rí i yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiyèméjì nípa àwọn iye tó tóbi.

Awọ apá rọ́bà náà máa ń ya. Bí abẹ́rẹ́ bá ti gún ojú kan náà lọ́pọ̀ ìgbà, ihò náà kì í padé mọ́, omi pupa á máa jò lábẹ́ awọ, akẹ́kọ̀ọ́ á sì máa rí "ẹ̀jẹ̀" níbi tí iṣan kò sí. Bí a ṣe ń mọ̀ pé àkókò tó láti pààrọ̀ rẹ̀ nìyẹn. Ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ló ń ra apá láìra awọ àti iṣan ìpààrọ̀, tí apá náà sì di ohun ẹ̀ṣọ́ kí ọdún kejì tó parí. A fi awọ méjì àti iṣan ìpààrọ̀ mẹ́rin kún apá kọ̀ọ̀kan, a sì kọ ọ́ sí ìlà tirẹ̀. A tún kọ àpótí onídèérí fún ìtọ́jú wọn, èyí tí ẹnì kan nínú wa rò pé kò pọn dandan. Ṣùgbọ́n rọ́bà àwọn ọmọláńgidi wọ̀nyí máa ń fa àwọ̀ mu: bí a bá gbé e lé ìwé ìròyìn, lẹ́tà inú ìwé náà yóò hàn lára rẹ̀, bí bírò bá kàn án kò ní lọ, oògùn apakòkòrò aláwọ̀ ilẹ̀ tí a fi ń nu ara aláìsàn sì máa ń sọ ọ́ di aláwọ̀ ìdọ̀tí títí láé. Omi lásán ni a fi ń rọ́pò oògùn náà nínú yàrá ìfọwọ́kọ́ṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ omi ni mo fẹ́ dúró lé díẹ̀, nítorí pé níbẹ̀ ni àríyànjiyàn wa ti pọ̀ jù. Ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ nínú gbogbo ìwé ìgbésẹ̀ nọ́ọ̀sì ni fífọ ọwọ́. Nínú yàrá tí kò ní ẹ̀rọ omi, akẹ́kọ̀ọ́ á fi ọwọ́ gbígbẹ ra ara wọn, á ní "mo ti fọwọ́," á sì kọjá sí ìgbésẹ̀ kejì. Mo ti wo akẹ́kọ̀ọ́ tó ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọdún méjì, mo sì ti wo òun kan náà ní wọ́ọ̀dù, níbi tí omi wà, tó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ omi láìdúró. Kò gbàgbé ẹ̀kọ́ tí a kọ́ ọ, bí a ṣe kọ́ ọ gan-an ló ṣe é. Nítorí náà a kò fi ẹ̀rọ omi sábẹ́ "àtúnṣe ilé" nínú ètò ìnáwó, níbi tí ọ̀pọ̀ àjọ ti máa ń fa ìlà sí nǹkan. Abẹ́ "ohun èlò ìkọ́ni" ni a fi í sí, a sì ṣàlàyé ìdí. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí a fi ọṣẹ àti omi fọ ọwọ́ fún ìṣẹ́jú àáyá 40 sí 60. A fi bọ́kẹ́ẹ̀tì wọn omi tí ẹnì kan ń lò tí ó bá ń ti ẹ̀rọ omi pa nígbà tó ń fọṣẹ, ó jẹ́ nǹkan bíi lítà méjì. Fún ìgbà 500, lítà 1,000 ni, fún iṣẹ́ kan ṣoṣo. Bí ojò omi tí a bèèrè ṣe tóbi tó nìyẹn, pẹ̀lú àwo ìfọwọ́ méjì tí a ń fi ìgbọ̀nwọ́ ṣí ẹ̀rọ wọn, àti ọ̀pá tó ń gbé omi wá láti kànga ẹ̀rọ tí ilé-ẹ̀kọ́ ti ní tẹ́lẹ̀.

Yàrá náà fúnra rẹ̀ kò ná olówó ní kọ́bọ̀, nítorí ilé ìkẹ́rùsí àtijọ́ kan ni ilé-ẹ̀kọ́ fi sílẹ̀, tí wọ́n kun, tí wọ́n sì tún òrùlé rẹ̀ ṣe. Iye owó tí wọ́n ná ni a kọ sí ìhà tiwa gẹ́gẹ́ bí ìdáwọ́.

Fún ẹ̀kọ́ agbẹ̀bí, a kò padà sí ọmọláńgidi onísọ̀rọ̀. Láti ọdún 1911 tí wọ́n ti ṣe ọmọláńgidi tí wọ́n ń pè ní Ìyáàfin Chase fún ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ti Ilé Ìwòsàn Hartford ní Amẹ́ríkà, èyí tí iléeṣẹ́ Martha Chase tó ń ṣe ọmọláńgidi fún àwọn ọmọdé ṣe, ìbéèrè tó wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí kò yí padà: kí ni a fẹ́ kí ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀? Bí a bá fẹ́ kí ó mọ bí a ṣe ń ran ìkókó tí kò sunkún lọ́wọ́, ohun tó nílò ni ìkókó kan tí ìwọ̀n rẹ̀ jọ ti ọmọ gidi, tí àyà rẹ̀ ń dìde tí atẹ́gùn bá wọlé dáadáa, tí kì í sì í dìde tí a bá di ìbòjú náà mú láìtọ́. Èyí tí wọ́n ń pè ní NeoNatalie ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ṣeé ká bí àpò, lítà méjì omi lílọ́ wọ́ọ́wọ́ọ́ ni a ń rọ sínú rẹ̀ kí ó lè wúwo, ẹni tó ń kọ́ni sì ń fi ọwọ́ tẹ rọ́bà kékeré láti mú kí ìwọ́ rẹ̀ máa lù. Ti ìyá, MamaNatalie, jẹ́ ohun tí ènìyàn ń so mọ́ inú ara rẹ̀. Ẹni tó so ó mọ́ra ń kérora, ó ń bínú, ó ń dáhùn ọ̀rọ̀ ní èdè Yorùbá, èyí tí kò sí kọ̀ǹpútà tó lè bá wa ṣe bí àwọn ìyá àdúgbò wa ti ń ṣe é. A bèèrè ìyá méjì àti ìkókó mẹ́rin, pẹ̀lú ìṣirò ìṣẹ́jú bíi ti apá. N kò ní tún un ṣe níbí.

Ìlà tó kéré jù lọ nínú gbogbo ètò ìnáwó náà ni àlàyé rẹ̀ gùn jù: "ewé zobo, èédú, agolo ìwọn, aṣọ àlòkù". Bí obìnrin bá bímọ tán tí ẹ̀jẹ̀ tó ń dà lára rẹ̀ bá tó mílílítà 500, ó ti di ìsun ẹ̀jẹ̀ tó nílò ìtọ́jú kíákíá. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ojú kì í mọ 500. Ẹ̀jẹ̀ ń wọ inú ìró, ó ń ṣàn sílẹ̀, ó ń dàpọ̀ mọ́ omi ọmọ, agbẹ̀bí á sì máa sọ pé kò tíì pọ̀. Nínú ìwádìí E-MOTIVE tí a tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 2023, tí wọ́n ṣe ní ilé ìwòsàn 80 ní Nàìjíríà, Kẹ́ńyà, Gúúsù Áfíríkà àti Tansaníà, wọ́n tẹ́ ọ̀rá onílà sábẹ́ àwọn ìyá láti kó ẹ̀jẹ̀ jọ kí a lè kà á, wọ́n sì so ìtọ́jú mélòó kan pọ̀ tí a ó ṣe lẹ́ẹ̀kan náà bí ó bá ti dé ìlà. Àwọn tí ìsun ẹ̀jẹ̀ líle bá, tàbí tí wọ́n ní láti la inú wọn, tàbí tó kú nítorí rẹ̀ dín kù ní nǹkan bí ìdá 60 nínú 100.

Ọ̀rá yẹn kò tíì dé gbogbo ilé ìbímọ tí àwọn ọmọ wa yóò ti ṣiṣẹ́. Nítorí náà a ń sè zobo láìfi ṣúgà sí i, nítorí èèrà, a ń dà á sórí ìró, sórí ilẹ̀ àti sínú àwo, ní mílílítà 300, 500 àti 1,000, a sì ní kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ iye tó rò sórí bébà láìsọ ọ́ jáde. Nígbà àkọ́kọ́ tí a ṣe é, púpọ̀ nínú wọn kọ 500 sí ibi tí 1,000 wà. Ọmọ kan kọ 350, ó sì dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́ nígbà tí a fi agolo hàn án. Aṣọ nìkan ni a ń da zobo sí o, a kì í rọ ọ́ sínú apá rọ́bà, nítorí àwọ̀ rẹ̀ kì í jáde.

Bàbá tó ń tọ́jú sítọ́ọ̀ ilé ìwòsàn ló kọ́ wa ní ohun tí kò sí nínú ìwé àkọ́kọ́ rárá. Ilé ìwòsàn fẹ́ fún wa ní àwọn ohun èlò tí ọjọ́ lílò wọn ti kọjá, kí a lè fi kọ́ṣẹ́. A dúpẹ́, a sì kọ ọ́ sí ètò ìnáwó pé yóò dín owó tí a bèèrè kù. Bàbá náà pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní, "Nọ́ọ̀sì, ẹ má jẹ́ kí nǹkan tiyín àti nǹkan tèmi pàdé o." Ohun tó ń sọ ni pé kánúlà tó ti gún rọ́bà nígbà márùn-ún kò yàtọ̀ lójú sí èyí tó dára, àpò omi tí ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá sì lè bá akẹ́kọ̀ọ́ padà sí wọ́ọ̀dù nínú àpò aṣọ rẹ̀. Nítorí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni a ṣe bèèrè fún àmì pupa tí a ń lẹ̀ mọ́ gbogbo ohun inú yàrá náà, "ÌDÁNRAWÒ NÌKAN", fún kọ́bọ́ọ̀dù tó ṣeé tì pa, àti fún àpótí abẹ́rẹ́ lílò tí a kì í tú. Ohun tí a bá gbà lọ́fẹ̀ẹ́ láti wọ́ọ̀dù kò gbọdọ̀ padà síbẹ̀ mọ́ láéláé.

Owó náírà fẹ́rẹ̀ẹ́ ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹfà ọdún 2023, dọ́là kan kò tíì kọjá nǹkan bíi 470 náírà ní ọjà ìjọba, ṣùgbọ́n nígbà tí oṣù kejì ọdún 2024 fi ń parí, ó ti dé nǹkan bíi 1,500. Ohun tí a lè fi 470,000 náírà rà tẹ́lẹ̀ ti di mílíọ̀nù kan ààbọ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni ìwé ìbéèrè owó kì í gba èsì lọ́sẹ̀ kan. Ọ̀nà tí àwọn kan ń gbà ni pé kí wọ́n bu owó lé e ní ìkọ̀kọ̀. N kò gbà wọ́n níyànjú, nítorí olùyẹ̀wé tó bá bèèrè iye owó lọ́wọ́ oníṣòwò kan náà yóò rí i. Ohun tí a ṣe ni pé a pín ètò náà sí méjì. Apá rọ́bà, ìkókó àti ìyá, tí wọ́n ń ti òkè òkun wá, ni a kọ ní dọ́là, pẹ̀lú ọjọ́ tí oníṣòwò fún wa ní iye rẹ̀. Ibùsùn tí wẹ́dà ìlú wa ṣe, tábìlì káfíńtà, ojò omi àti owó iṣẹ́ ni a kọ ní náírà. Lẹ́yìn náà a tò wọ́n ní ẹsẹẹsẹ ohun tí a ó kọ́kọ́ yọ bí owó kò bá tó: ibùsùn kẹta ni àkọ́kọ́, lẹ́yìn rẹ̀ ni ìyá kejì. Apá rọ́bà àti ẹ̀rọ omi ló kẹ́yìn.

Ó ku ẹni tí yóò di kọ́kọ́rọ́ mú. Mo ti rí yàrá ìfọwọ́kọ́ṣẹ́ tó dára ju tiwa lọ, tí ọ̀rá tí wọ́n fi di ọmọláńgidi wá láti ilé ìtajà ṣì wà lára rẹ̀ lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, nítorí pé ọ̀gá kan ṣoṣo ló ní kọ́kọ́rọ́, ó sì ń bẹ̀rù kí wọ́n má bàa bà á jẹ́ kí àwọn àjọ tó ń fọwọ́ sí ilé-ẹ̀kọ́ tó dé. Ènìyàn lè mọ irú yàrá bẹ́ẹ̀ láìbéèrè: òróró tí a fi ń mú ọ̀pá yọ̀ kì í tíì ṣí, ìwé ìforúkọsílẹ̀ kò sì sí. A bèèrè owó oṣù olùtọ́jú yàrá kan fún ọdún méjì. Àwọn àjọ kì í fẹ́ràn owó oṣù, nítorí wọ́n mọ̀ pé bí owó wọn bá tán, ènìyàn náà ń lọ nìyẹn. Nítorí náà a so lẹ́tà ọ̀gá wa mọ́ ọn, tó fọwọ́ sí pé ilé-ẹ̀kọ́ yóò máa san án láti ọdún kẹta, tó sì sọ inú owó wo ni yóò ti wá. Iṣẹ́ ẹni náà ni láti ṣí yàrá ní aago méjì, láti fọ apá kí ó sì gbẹ ẹ́, àti láti rí i pé akẹ́kọ̀ọ́ kọ orúkọ, iṣẹ́ tó ṣe àti iye ìgbà tó ṣe é kí ó tó jáde. Ìwé ìforúkọsílẹ̀ yẹn náà ni a sọ pé a ó fi ránṣẹ́ sí àjọ ní ìparí sáà kọ̀ọ̀kan, dípò àwòrán akẹ́kọ̀ọ́ tó wọ aṣọ funfun tó ń rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí èsì ìwé kejì dé, wọn kò tíì gbà, wọn kò sì tíì kọ̀. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọ́n tún fi ránṣẹ́, ṣùgbọ́n mo rẹ́rìn-ín nígbà tí mo kà á: "Ṣé apá rọ́bà mẹ́ta kò lè tó?"

Mo dáhùn ní ọ̀sán ọjọ́ náà gan-an. Mo kọ pé apá mẹ́ta yóò gba wákàtí 22 àti ìṣẹ́jú 13 fún ìgbà 10, èyí tó kọjá wákàtí 18 tí a ní. Bí a bá dín ìgbà 10 kù sí mẹ́jọ, wákàtí 17 àti ìṣẹ́jú 47 ni yóò gbà, yóò sì ṣeé ṣe. Ìṣẹ́jú 13 ni yóò ṣẹ́kù fún akẹ́kọ̀ọ́ 50 ní odidi sáà náà, awọ apá kan tó bá sì ya ní àárín ọ̀sán kan yóò gba jù bẹ́ẹ̀ lọ láti pààrọ̀. Mo ní kí wọ́n yan èyí tó bá wù wọ́n, a ó sì kọ iye ìgbà tó bá a mu sínú ìwé ìgbésẹ̀.

Wọ́n fún wa ní mẹ́rin. Ibùsùn kẹta ni wọ́n yọ.